Irin tó há orí: nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pín ènìyàn sí ẹ̀yà, àti bó ṣe wó

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìwé àtijọ́ kan tí mo rà, mo rí àwòrán òyìnbó kan tó fi irin há orí ọkùnrin kan lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà yẹn ló sọ ẹ̀yà tí ọkùnrin náà jẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Kí ló sì dé tí wọn ò ṣe é mọ́?

Irin tí ẹ rí nínú àwòrán yẹn, irú rẹ̀ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Apá méjì ló ní, wọ́n tẹ̀ bí ìwo màlúù, ẹnu wọn kọjú síra, rúlà kékeré kan sì dábùú wọn tó ń sọ bí ẹnu méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó wúlò. Rúlà gbọọrọ kò lè gba inú orí kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n irin yìí lè gbá orí mọ́ra bí ẹni gbá ẹ̀gúsí bàrà mọ́ra.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn yóò jókòó, yóò kọjú síwájú. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n yóò fi ẹnu irin kan sáàárín irun ojú méjèèjì, níbi tí egungun ti yọ díẹ̀ lókè imú, yóò di í mú níbẹ̀. Ẹnu kejì ni yóò máa rìn sókè sódò lórí ìpàkọ́, títí nọ́ńbà ara rúlà yóò fi dé ibi tí kò ti lè pọ̀ sí i mọ́. Ìyẹn ni gígùn orí. Lẹ́yìn náà yóò gbé irin náà sí ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí méjèèjì, yóò wá ibi tó fẹ̀ jù. Ìyẹn ni fífẹ̀. Yóò fi gígùn pín fífẹ̀, yóò sì sọ èsì rẹ̀ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ká ní orí kan gùn ní mìlímítà 190, tó sì fẹ̀ ní 150. Tí a bá fi 190 pín 150, tí a sì fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, a ó rí 78.9. Irú nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwòrán yín nìyẹn, bí mo ṣe rò ó. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní òǹkà orí.

Anders Retzius, ará Súwídìn tó ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní 1842. Paul Broca àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Páríìsì wá tún un ṣe, wọ́n fi ààlà sí i. Agbárí tí òǹkà rẹ̀ kò tó 75, olórí gígùn ni wọ́n pè é. Èyí tó kọjá 80, olórí róbótó. Àwọn tó wà láàárín, olórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí orí bá ṣe ta sẹ́yìn tó ni òǹkà rẹ̀ ṣe máa ń kéré tó. Ẹran ara àti awọ orí máa ń mú kí òǹkà ẹni tó wà láàyè ju ti agbárí gbígbẹ lọ díẹ̀, nítorí náà Broca ní kí wọ́n yọ 2 kúrò kí wọ́n tó fi àwọn méjèèjì wéra. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ lè bi mí pé nínú gbogbo ohun tó wà lára ènìyàn, kí ló dé tó jẹ́ orí ni wọ́n mú. Ìdí rẹ̀ ní làákàyè tirẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí kì í yí padà, tí yóò ti ọ̀dọ̀ baba ńlá wá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kó lè jẹ́ ẹ̀rí ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀. Awọ ara, oòrùn lè sun ún. Gíga ènìyàn, oúnjẹ lè fi kún un tàbí kó dín in kù. Èdè àti ẹ̀sìn, ènìyàn lè kọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n egungun orí, wọ́n gbà pé kò sóhun tó ń ràn án: ebi kì í gùn ún, ọyẹ́ kì í fẹ̀ ẹ́. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ilé náà dúró lé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó yẹ ìpìlẹ̀ náà wò dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Ilé tí wọ́n kọ́ náà ga. Ní 1899, William Ripley, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé (ẹ má rò pé oníṣègùn ni), kó òǹkà orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wọ̀n káàkiri Yúróòpù jọ, ó fi ya máàpù, ó sì pín àwọn ará Yúróòpù sí ẹ̀yà mẹ́ta. Àwọn tó ga, tí irun wọn kò dúdú, tí orí wọn gùn wà ní àríwá. Àwọn olórí róbótó wà láàárín, nítòsí àwọn òkè Alps. Àwọn kúkúrú onírun dúdú tí orí wọn gùn wà ní gúúsù létí òkun. Láàárín ọdún kan sígbà yẹn, Joseph Deniker ní Faransé wo irú ẹ̀rí kan náà, ó ní rárá o, ẹ̀yà ńlá mẹ́fà ló wà ní Yúróòpù, pẹ̀lú kéékèèké mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Orí kan náà, irin kan náà, ọ̀kan ka mẹ́ta, èkejì ka mẹ́wàá. Tí ẹni méjì bá ka ewúrẹ́ inú ọgbà kan, tí iye wọn jìnnà síra báyìí, ẹ ò ní bá wọn jà lórí ìṣirò. Ẹ ó béèrè ohun tí oníkálukú wọn ń pè ní ewúrẹ́.

Kí n tó dé orí ìpìlẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín pé nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kò lè ru ẹrù tí wọ́n dì lé e. Ẹ padà sí orí 190 àti 150 wa. Òǹkà rẹ̀ jẹ́ 78.9, ìyẹn ni pé olórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Ká wá ní ẹlòmíràn wọn orí kan náà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, kò tẹ irin mọ́ awọ tó bẹ́ẹ̀, ó rí 152 dípò 150. Òǹkà rẹ̀ ti di 80 géérégé, ó ti dé ẹnu ààlà. Tí irun tó ki bá tún fi mìlímítà kan kún un, ọkùnrin kan náà ti di olórí róbótó láìdìde lórí àga. Mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní irin náà kí wọ́n fi wọn orí ara wọn, mo sì máa ń ní kí ẹni mẹ́ta wọn orí kan ṣoṣo láìfi èsì han ara wọn. Kì í pẹ́ rárá tí ariwo fi ń sọ. Ibi fífẹ̀ ló máa ń fa ìjà jù, torí kò sí àmì kankan lára egungun tó sọ pé ibí yìí ni kí o gbé irin sí. Ó kàn jẹ́ ibi tó bá fẹ̀ jù, ibẹ̀ sì lè yàtọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan sí èkejì. Àwọn awọnrí ìgbà yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé ní Monaco ní 1906, wọ́n tún ṣe òmíràn ní Geneva ní 1912, kí gbogbo ayé lè fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí irin yóò máa kàn. Fífohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe wọ̀n ọ́n kò wá sọ ohun tí ìwọ̀n náà túmọ̀ sí fún wa.

Ohun kejì ni pé nígbà tí ẹ bá fi nọ́ńbà kan pín òmíràn, ẹ ti da méjèèjì nù, ìbátan àárín wọn nìkan ló kù. Orí tó gùn ní 190 tó sì fẹ̀ ní 152 jẹ́ 80. Orí kékeré tó gùn ní 175 tó fẹ̀ ní 140 jẹ́ 80 bákan náà. Bí iwájú orí ṣe ga tó, bí ìpàkọ́ ṣe rí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ, kò sí èyí tó wà nínú rẹ̀. Ohun ìtìjú tó tẹ̀lé e ni pé nígbà tí wọ́n gbé òǹkà náà kúrò ní Yúróòpù lọ wọn ayé, àpótí olórí gígùn tí ará Súwídìn wà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n bá ọ̀pọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà. Ẹni tó ń sọ pé òǹkà orí ló yà òun sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ dúdú, òǹkà náà ló so wọ́n pọ̀. Nígbà náà ni wọ́n á sáré mú awọ ara tàbí irun wọlé kí wọ́n lè tún wọn yà, ohun tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé kò ṣeé gbára lé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àléébù nọ́ńbà náà ni bó ṣe ń fẹ̀ láàárín ìlú kan ṣoṣo. Nínú ìwé bíi ti Ripley, ìpíndọ́gba ni ẹ ó máa rí: àwọn ará ibí jẹ́ 79, àwọn ará ọ̀hún jẹ́ 83. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba kì í ṣe ẹnì kan. Ní ìlú tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 79, ẹ ó rí ẹni tó jẹ́ 73, ẹ ó rí ẹni tó jẹ́ 85, nínú ilé kan náà nígbà míràn. Bí ẹ bá mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn níbẹ̀, nǹkan bíi 95 nínú wọn ló máa ń bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Ìlú kejì tó jẹ́ 83, tirẹ̀ náà fẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti bíi 77 dé 89. Ẹni tó bá wá jẹ́ 81, ìlú wo ni ẹ ó ní ó ti wá? Nọ́ńbà náà lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ẹ bá kó wọn jọ. Nípa ọkùnrin inú àwòrán yín, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kéré jọjọ.

Wọ́n mọ gbogbo ìwọ̀nyí, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìgbàgbọ́ pé bó ti wù kí ó rí, orí kì í yí padà. Ibẹ̀ ni Franz Boas ti wọlé.

Júù ará Jámánì ni Boas, ìlú Minden ni wọ́n ti bí i ní 1858. Ẹ̀kọ́ físíìsì ló kọ́kọ́ gba oyè lé lórí kó tó di onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Yunifásítì Columbia ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Òun náà ti fi irin wọn orí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ iṣẹ́ náà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe ariwo lọ. Ní 1907, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wo ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń ya wọ̀lú láti ìlà oòrùn àti gúúsù Yúróòpù. Sẹ́nétọ̀ Dillingham ló ṣe alága rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé àwọn àlejò olórí àjèjì wọ̀nyí kò ní di ará Amẹ́ríkà láéláé. Boas lọ bá wọn ní 1908, ó ní: ẹ jẹ́ kí n wọn àwọn àlejò náà àti àwọn ọmọ wọn, ká rí i bóyá nǹkan kan ń yí padà lára wọn. Wọ́n fún un lówó. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000 ní Nìú Yọ́ọ̀kì: àwọn Júù láti ìlà oòrùn Yúróòpù, àwọn ará Sísílì àti Ítálì, àwọn ará Bòhíímíà, àwọn ará Pólándì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Tí Boas bá kàn fi àwọn Júù tó wà ní Rọ́ṣíà wé àwọn tó wà ní Nìú Yọ́ọ̀kì, ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn tó rìnrìn àjò yàtọ̀ sí àwọn tó dúró sílé. Nítorí náà ó wọ inú ilé kan náà. Ó wá ìyá tó bí ọmọ kan sí Yúróòpù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó sì tún bí òmíràn lẹ́yìn tó dé Amẹ́ríkà. Baba kan náà, ìyá kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ibi tí wọ́n bí wọn sí nìkan ló yà wọ́n. Bí orí bá jẹ́ ohun tí kì í yí padà lóòótọ́, kò yẹ kí ìyàtọ̀ kankan wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ bá ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ.

Ìyàtọ̀ wà. Àwọn ọmọ Júù tí wọ́n bí sí Yúróòpù ní orí róbótó. Àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, orí wọn gùn díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ Sísílì yí padà sí òdìkejì: àwọn tó ti Sísílì wá ní orí gígùn, àwọn tí wọ́n bí sí Nìú Yọ́ọ̀kì sì róbótó díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ méjèèjì ń sún mọ́ra wọn. Boas tún rí i pé bí ìyá bá ṣe pẹ́ sí ní Amẹ́ríkà kó tó bímọ ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń hàn sí i. Ní 1911 àti 1912 ni èsì náà jáde tán.

Kí n má ṣe fi abẹ́rẹ́ ṣe ọ̀pá fún yín: ìyàtọ̀ náà kò tóbi. Ẹyọ kan sí méjì ni lórí òǹkà orí, fún ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Sísílì kò di ọmọ Júù, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán rí i lórí ọmọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé irú ẹyọ méjì mẹ́ta báyìí ni àwọn ayàmáàpù fi ń sọ pé ẹ̀yà kan parí síbí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo bá lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyàtọ̀ ẹyọ mẹ́ta láàárín ìlú méjì jẹ́ ẹ̀rí baba ńlá tó yàtọ̀.

Wọ́n gbéjà kò ó o. Àwọn kan ní bóyá àwọn tó ń wá láwọn ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe irú ènìyàn kan náà pẹ̀lú àwọn tó dé lẹ́yìn. Boas ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ fún èyí: ó fi àwọn tó dé ní ọdún kan wé ọmọ tí àwọn ìyá tó dé ní ọdún yẹn gan-an bí sí Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Karl Pearson ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó jẹ́ baba ìsàlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò ìgbà náà, kò gbà fún un. Ní 1924, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Tippett, tún kọ ìwé láti fi hàn pé òǹkà orí kì í yẹ̀. Ìbéèrè tó ta Boas jù ni èyí tó rọrùn jù: kí ló fà á? Kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò.

Ọ̀kan nínú ohun tó lè fà á, àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ wa kò ní yà á sí ohun ìyanu. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń wẹ ọmọ tuntun kì í kàn da omi lé e lórí. Ó máa ń fi omi gbígbóná àti àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ọmọ, ó ń rọ ọ́ kó lè rí róbótó, torí ó mọ̀ pé egungun orí ọmọ ọwọ́ kò tíì le, àwùjẹ́ ṣì ń lù kìkì. Ní Jámánì, ní bí ọdún 1905, dókítà kan tó ń gbẹ̀bí, Walcher, dán irú rẹ̀ wò: ọmọ tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn lé ilẹ̀ sùn, orí rẹ̀ ń róbótó, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, orí rẹ̀ ń gùn. Láyé tiwa yìí, ní 1992, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lé ibùsùn kó má bàa kú lójú oorun. Ikú ọmọ dín kù gidigidi, àwọn ọmọ tí ìpàkọ́ wọn tẹ́ pẹlẹbẹ sì pọ̀ sí i ní àwọn ilé ìwòsàn. Apilẹ̀ àbùdá ẹnikẹ́ni kò yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ibùsùn ló yí padà.

Àwọn Júù ìlà oòrùn Yúróòpù máa ń fi aṣọ di ọmọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀; ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ fi àṣà yẹn sílẹ̀, ọmọ sì lè yí bó ṣe fẹ́. Ó bá ohun tí Boas rí lórí tiwọn mu. Kò ṣàlàyé ti àwọn ọmọ Sísílì tó yí sí òdìkejì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi gbogbo ẹjọ́ náà lé ibùsùn lọ́wọ́. Oúnjẹ àti bí ọmọ ṣe ń yára dàgbà lè wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí Boas ṣe tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un ju èsì rẹ̀ lọ. Ní 1928, ó tẹ gbogbo ìwọ̀n náà jáde, orí kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá rò pé Boas parọ́ lè tún un ṣírò. Ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ní 2002, Corey Sparks àti Richard Jantz kó ìwọ̀n náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ìyàtọ̀ tí ibi ìbí mú wá kéré púpọ̀ sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, pé àjogúnbá ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, Boas sì sọ àsọdùn. Ní 2003, Clarence Gravlee àti àwọn méjì mìíràn ṣírò ìwọ̀n kan náà, wọ́n ní Boas tọ̀nà lórí ohun tó sọ gan-an: àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ju ohun tí èèṣì lè mú wá.

Lójú tèmi, ìjà wọn kò jìnnà bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń dáhùn. Tí ẹ bá béèrè bóyá àjogúnbá wà nínú bí orí ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni, ó wà dáadáa. Ẹ wo àwọn ìdílé tí gbogbo wọn ń jogún ìpàkọ́ bàbá wọn. Tí ẹ bá béèrè bóyá orí lè yí padà láàárín ìran kan láìsí pé ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn náà ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń fi òǹkà orí pín ẹ̀yà kò nílò kí àjogúnbá kàn wà níbẹ̀; wọ́n nílò kí ó jẹ́ òun nìkan. Ibẹ̀ ni Boas ti dá wọn dúró.

Àkókò gígùn tún bá a jẹ́rìí. Àwọn agbárí tí wọ́n wú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn títí di ayé òde òní, orí ń róbótó sí i díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, láìsí àjèjì tó wá lé onílé jáde. Ní Japáànù, ní 1953, wọ́n wú egungun àwọn tó kú nígbà ogun ọdún 1333 ní Kamakura. Orí wọn gùn ju ti àwọn ará Japáànù òde òní lọ. Ẹni tó bá gbé òǹkà orí kalẹ̀ bí ìwé ìbí yóò ní láti sọ pé àwọn ará Kamakura kì í ṣe baba ńlá àwọn ará Japáànù.

Kí ẹ má wá rò pé lọ́dún 1912 ni gbogbo wọn ju irin sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó sanwó iṣẹ́ Boas kò jẹ́ kó yí ìpinnu wọn padà; ní 1924, Amẹ́ríkà ṣòfin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn Júù àti àwọn ará Ítálì. Ní 1933, àwọn Násì sun ìwé Boas ní Kiel, ní yunifásítì tó ti gba oyè rẹ̀, àwọn onímọ̀ tiwọn sì ń wọn orí lọ ní tiwọn. Boas pàápàá kò ju irin tirẹ̀ nù. Ní nǹkan bíi 1926, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Zora Neale Hurston, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Florida tó wá di òǹkọ̀wé ńlá, máa ń dúró ní òpópónà Harlem, yóò dá àwọn tó ń kọjá lọ dúró, yóò sì fi irin wọn orí wọn. Ẹ fojú inú wo ìyẹn wò: nílùú tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré, kí ọmọbìnrin kan ní kí o dúró kí òun wọn orí rẹ! Ìyàtọ̀ wà láàárín iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti Ripley: ìwọ̀n náà ni wọ́n fi ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń yí padà àti bí wọ́n ṣe ń dàpọ̀, kì í ṣe láti fi wọ́n sínú àpótí.

Ohun tó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ irin ni ẹ̀jẹ̀. Ní 1919, Ludwik àti Hanna Hirszfeld gbé èsì irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jáde, wọ́n sì rí i pé irú ẹ̀jẹ̀ kan náà wà níbi gbogbo, ìwọ̀n tó fi wà ló yàtọ̀. Ohun tó ń ti ọwọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ láìjẹ́ pé ibùsùn tàbí oúnjẹ lè yí i padà ti wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n ti ń wá nínú egungun láti ìgbà Retzius. Kò sì fi àwọn àpótí náà hàn. Ní 1951, Sherwood Washburn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun dẹ́kun pípín ènìyàn sí irú, kí wọ́n máa wádìí ohun tó ń fa ìyípadà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ dúrọ́ọ̀.

Kò wọ̀ ọ́ tán o. Nígbà tí ọlọ́pàá bá rí egungun ènìyàn nínú igbó, ẹni tó ń yẹ egungun wò fún wọn ṣì máa ń wọn agbárí. Kì í ṣe gígùn àti fífẹ̀ nìkan ni ó ń wọ̀n, ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ni, kọ̀ǹpútà yóò sì fi wọ́n wé agbárí tí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ti wá. Èsì tó ń jáde ni pé ó ṣeé ṣe kí ó ti agbègbè báyìí wá, pẹ̀lú iye tí ó ṣeé ṣe dé. John Relethford ti ṣírò pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà lára agbárí káyé, bíi ìdá 11 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wà láàárín àwọn agbègbè ńlá ayé; ìyókù wà láàárín àwọn tó jọ ń gbé agbègbè kan náà. Díẹ̀ yẹn tó fún ọlọ́pàá láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kò tó láti fi ya ààlà ẹ̀yà.

Tí ìwé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ohun mẹ́ta lábẹ́ àwòrán yẹn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n sọ pé orí alààyè ni wọ́n wọ̀n tàbí agbárí gbígbẹ, torí 2 tí Broca ní kí wọ́n máa yọ lè gbé ọkùnrin náà láti àpótí kan sí èkejì. Ẹ wá iye ènìyàn tí wọ́n wọ̀n ní ìlú rẹ̀. Ẹ lè rí i pé wọn kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ wá wo ojú ìwé tó ṣìkejì rẹ̀: tí ẹ bá rí ọkùnrin mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti èyí dọ́gba, tí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé méjèèjì kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ń kó irú wọn jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.